Ìgbẹ́jọ́ Àpilẹ̀kọ: Bí Ọjọ́ Fáífà Ṣe Ń Lọ

Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹni tó gbọ́ tẹnu ọ̀kan nínú àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn, tí kò dúró gbọ́ tẹnu ìkejì kó tó dájọ́, kò ṣe iṣẹ́ àgbà, ì báà jẹ́ pé ẹjọ́ tó dá tọ̀nà. Òwe yìí kò ní ká má dá ẹjọ́ o. Ohun tó ń bèèrè ni pé kí ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn yọjú, kó sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ tirẹ̀. Orí èyí gan-an ni ìdánwò àfẹnuṣe fún oyè ọ̀mọ̀wé dúró lé, èyí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ń pè ní fáífà. Kí ọjọ́ náà tó pé, àpilẹ̀kọ ti dé iwájú àwọn olùdánwò, ó sì ti ro tirẹ̀. Wọ́n ti kà á, wọ́n ti fàlà sí abẹ́ àwọn gbólóhùn kan, olùdánwò tó ń bọ̀ láti òde sì sábà máa ń ti kọ ìròyìn tirẹ̀ sílẹ̀ ná. Ohun tó kù ni kí wọ́n gbọ́ tẹnu ẹni tó kọ ọ́.

Ẹni tó bá mọ èyí á mọ bó ṣe yẹ kóun múra. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ máa ń lo ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú láti há àpilẹ̀kọ wọn sórí, bí ẹni pé ńṣe ni wọ́n fẹ́ kà á fún àwọn tí kò rí i rí. Ṣùgbọ́n àwọn tó jókòó síbẹ̀ ti rí i. Ibi tó rú wọn lójú ni ìbéèrè á ti wá. Nítorí náà, iṣẹ́ tó lérè jù ni kí èèyàn tún ìwé náà kà bí ẹni tí kò gbà gbọ́, kó máa sàmì sí gbogbo ibi tó ti sọ ju ohun tí ìwádìí rẹ̀ gbé lọ.

Ní ọ̀pọ̀ yunifásítì ní Nàìjíríà, èèyàn márùn-ún sí méje ló máa ń jókòó, ìwé ìlànà yunifásítì kọ̀ọ̀kan ló sì máa sọ iye wọn gan-an. Alága máa ń jẹ́ olórí ẹ̀ka tàbí ẹni tí ilé ẹ̀kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ oyè gíga rán wá. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti ṣí ìjókòó, láti pín àkókò, àti láti rí i pé kò sẹ́ni tó ń fi ìbéèrè ja ìjà tó ti wà láàárín òun àti alábòójútó. Bí ìbéèrè bá ta kókó, alága ni akẹ́kọ̀ọ́ lè bẹ̀ pé kí wọ́n tún un bi òun, kò sì sí ìtìjú níbẹ̀. Olùdánwò abẹ́lé wá láti ẹ̀ka kan náà. Wọ́n sì máa ń mú ẹnìkan láti ẹ̀ka mìíràn nínú yunifásítì yẹn, ẹni tí kì í ṣe onímọ̀ pápá náà ní pàtó. Ẹ má fojú kéré ẹni yìí. Òun ló máa ń béèrè ìbéèrè tó dà bíi pé ó rọrùn jù lọ: kí ni ẹ rí tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ tẹ́lẹ̀? Ẹni tí kò bá lè fi gbólóhùn mẹ́ta dáhùn èyí fún ẹni tí kì í ṣe onímọ̀ pápá rẹ̀, iṣẹ́ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Olùdánwò láti òde, tí wọ́n ń pè ní ẹ̀sítánà, ni ọ̀wọ̀n ilé. Ọ̀jọ̀gbọ́n ni lọ́pọ̀ ìgbà, láti yunifásítì mìíràn, kò sì bá wọn lọ́wọ́ sí iṣẹ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìdí tí wọ́n fi ń pè é ni pé bí àwọn ará ilé nìkan bá ń yẹ iṣẹ́ ọmọ ilé wò, ojú àánú tàbí ojú ìbínú lè wọ̀ ọ́. Òun ló sábà máa ń kọ́kọ́ béèrè, òun ló sì máa ń pẹ́ jù lórí ọ̀rọ̀. Ìwé tó gbé dání á kún fún àmì. Àṣìṣe tíńtínní, bí àmì ohùn tó yà tàbí ọdún ìwé tí kò bára mu, kì í sábà jẹ́ kó gba àkókò ìjókòó. Á kọ wọ́n sórí bébà, á sì fi lé akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́.

Alábòójútó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n dídákẹ́ ló dára fún un jù. Nígbà tó bá ń dáhùn fún akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, ìpalára ló ń ṣe fún un, nítorí ọ̀kan nínú ohun tí ìgbìmọ̀ fẹ́ mọ̀ ni bóyá akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀ ló ṣe iṣẹ́. Bákan náà ni ìdáhùn pé “alábòójútó mi ló ní kí n ṣe é bẹ́ẹ̀” ṣe burú. Bó bá tilẹ̀ jẹ́ òótọ́, ohun tí wọ́n ń bèèrè ni ìdí tí ọ̀nà yẹn fi dára, kì í ṣe ẹni tó mú un wá.

Àwọn ọmọ wa tó ń kàwé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì á bá a ní ọ̀nà mìíràn. Níbẹ̀, olùdánwò méjì péré ló wọ́pọ̀, ọ̀kan láti inú yunifásítì, ọ̀kan láti òde, nígbà mìíràn pẹ̀lú alága tí kì í béèrè nǹkan kan. Alábòójútó lè má sí níbẹ̀ rárá. Bó bá wà, ó ń gbọ́ ni, kì í sọ̀rọ̀. Wọn kì í sábà ní kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ fi àwòrán ṣàlàyé iṣẹ́ rẹ̀: wọ́n á jókòó yí tábìlì ká, wọ́n á sì máa ṣí ìwé láti orí dé orí.

Tiwa máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àlàyé akẹ́kọ̀ọ́, nǹkan bí ìṣẹ́jú 15 sí 20. Ìtàn bí iṣẹ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ kọ́ ni wọ́n ń wá, bí kò ṣe ìbéèrè ìwádìí, ọ̀nà tí a gbà ṣe é, ohun tí a rí àti ibi tó mọ. Iná lè lọ, pírójẹ́kítọ̀ lè kọṣẹ́, nítorí náà ó yẹ kí àlàyé náà wà lórí bébà pẹ̀lú. Ẹ̀dà àpilẹ̀kọ tí akẹ́kọ̀ọ́ mú dání gbọ́dọ̀ jẹ́ irú èyí tó fi ránṣẹ́ sí ìgbìmọ̀ gẹ́lẹ́. Ẹlòmíràn á ti tún un ṣe lẹ́yìn tó ti fi sílẹ̀, ojú-ìwé á sì ti yí padà. Nígbà tí ọ̀jọ̀gbọ́n bá ní ká lọ sí ojú-ìwé 112, ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò bá níbẹ̀ á yàtọ̀ sí ti ìgbìmọ̀, gbogbo ìjókòó á sì máa dúró dè é.

Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ kan ká tọ̀ ọ́ dé ìdí. Ká ní obìnrin kan ṣèwádìí lórí àwọn àgbẹ̀ ẹ̀gẹ́ ní Òkè-Ògùn. Ó lọ sí abúlé mẹ́jọ, ó sì bi àwọn àgbẹ̀ ní ìbéèrè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó rí i pé àwọn tó ń gbin ẹ̀yà ẹ̀gẹ́ tuntun ń rí owó ju àwọn tó ń gbin ti àtijọ́. Ní orí tó kẹ́yìn, ó kọ ọ́ pé ẹ̀yà tuntun ló sọ owó wọn di púpọ̀. Ẹ̀sítánà ṣí ojú-ìwé yẹn, ó ní: “Ṣé ẹ̀gẹ́ ló mú owó wá, àbí àwọn tó ti lówó tẹ́lẹ̀ ló kọ́kọ́ lè ra irúgbìn tuntun?”

Ìbéèrè yìí lè gbọn èèyàn. Ìdáhùn tó máa ń kó ìyọnu báni ni pé kí akẹ́kọ̀ọ́ takú pé ẹ̀gẹ́ ni, torí pé iye tó wà nínú àtẹ fi hàn bẹ́ẹ̀. Ohun tí wọ́n bi í kò sí nínú àtẹ yẹn. Èyí tó dára ni kó ronú díẹ̀, kó ní: “Ẹ ṣeun, sà. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo bi wọ́n léèrè, nítorí náà n kò lè fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ẹ̀gẹ́ ló ṣáájú owó. Ohun tí mo ṣe ni pé mo fi àwọn tí ilẹ̀ wọn fẹ̀ bákan náà wé ara wọn. Ìyàtọ̀ owó náà dín kù, kò sì tán. Mo lè sọ pé méjèèjì ń rìn pọ̀. N kò lè sọ pé ọ̀kan ló bí èkejì.” Ó ti gba ibi tí iṣẹ́ rẹ̀ mọ, ó sì fi ìgbésẹ̀ tó gbé hàn. Ìgbìmọ̀ ti rí i pé òun ló ni ín.

Ìbéèrè kejì á tẹ̀ lé e: báwo lẹ ṣe yan àwọn abúlé náà? Bó bá jẹ́ pé gbogbo wọn wà létí títì ọlọ́dà, àwọn àgbẹ̀ tí ọ̀nà wọn jìn sí ọjà kò sí nínú ìwádìí. Àtúnṣe tó máa ti ibí yìí jáde ṣe kedere. Kó yí ọ̀rọ̀ pé “ó sọ di púpọ̀” padà níbi gbogbo tó ti wà, títí kan ìsọníṣókí iwájú ìwé, ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń gbàgbé. Kó sì fi ìpínrọ̀ kan kún un nípa àwọn abúlé tí kò dé. Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n bó bá ṣẹlẹ̀ pé kò béèrè bí ilẹ̀ àgbẹ̀ kọ̀ọ̀kan ṣe fẹ̀ tó rárá, kò ní ohun tó lè fi wọ́n wé ara wọn, wọ́n sì lè ní kó padà sí oko ìwádìí. Ibí yìí ni ààlà àtúnṣe kékeré àti àtúnṣe ńlá sábà máa ń wà: ṣé ohun tó wà lọ́wọ́ tó láti fi tún un ṣe, àbí kò tó?

Gbogbo rẹ̀ máa ń gba wákàtí kan sí mẹ́ta. Gígùn rẹ̀ kò sọ bí èsì yóò ṣe rí, torí iṣẹ́ tó dùn mọ́ ẹ̀sítánà lè mú un sọ̀rọ̀ pẹ́. Ohun tí kò sí nínú ìwé ìlànà ni ìdúródeni. Torí pé owó ni wọ́n fi ń mú ẹ̀sítánà wá láti ìlú mìíràn, wọ́n máa ń kó akẹ́kọ̀ọ́ méjì tàbí mẹ́ta pọ̀ sọ́jọ́ kan. Ẹni tí wọ́n pè fún aago mẹ́wàá lè wọlé lẹ́yìn aago kan. Kó jẹun kó tó kúrò nílé. Ní tèmi, owó tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń ná sórí oúnjẹ àti ohun mímu fún ìgbìmọ̀ kò yẹ rárá. Ẹni tí à ń dá lẹ́jọ́ kì í se oúnjẹ fún onídàájọ́.

Lẹ́yìn ìbéèrè, wọ́n á ní kí akẹ́kọ̀ọ́ bọ́ síta. Ìgbà yìí ni ìgbìmọ̀ ń jíròrò, ó lè tó ìṣẹ́jú 15 tàbí ìdajì wákàtí. Wọ́n á wá pè é wọlé, alága á sì ka èsì. Ó lè yege láìsí àtúnṣe, èyí tó ṣọ̀wọ́n. Ó lè yege pẹ̀lú àtúnṣe kékeré, èyí tó wọ́pọ̀. Ó lè gba àtúnṣe ńlá tàbí kí wọ́n ní kó tún wá jókòó. Ó sì ṣeé ṣe kí wọ́n fi oyè tó kéré sí i lọ̀ ọ́, tàbí kó kùnà pátápátá.

Bó bá jẹ́ àtúnṣe, kó má gbẹ́kẹ̀ lé ìrántí. Kó tẹ́ àtẹ olópòó mẹ́ta: ohun tí olùdánwò sọ, ohun tí òun ṣe sí i, ojú-ìwé tó wà. Olùdánwò abẹ́lé ló sábà máa ń yẹ̀ ẹ́ wò, tó sì máa ń fọwọ́ sí i pé wọ́n ti ṣe é. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á di ìwé náà, tí ìròyìn ìgbìmọ̀ á sì gòkè lọ. Lẹ́nu ọ̀nà yàrá ìdánwò ni àwọn ọ̀rẹ́ á ti máa pè é ní Dókítà, àwọn olùdánwò náà lè bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ pẹ̀lú orúkọ yẹn. Àmọ́ Sẹ́néètì yunifásítì ló ń fi oyè fúnni, kì í ṣe ìgbìmọ̀ tó jókòó lọ́jọ́ náà, ó sì lè gba oṣù díẹ̀ kí orúkọ rẹ̀ tó dé iwájú wọn.