Jórinjórin

Ẹni tó ń fi iná jó irin pọ̀ là ń pè bẹ́ẹ̀. Iná ni orúkọ náà dárúkọ, ṣùgbọ́n gígé ló sábà ń ba iṣẹ́ jẹ́. Ká ní férémù kan gùn ní mílímítà 1000, ó fẹ̀ ní 600, páìpù onígun mẹ́rin sì jẹ́ 40. Bí a bá dá orí irin ní ìwọ̀n 45, a ó kọ 1000 méjì àti 600 méjì sínú ìwé gígé. Ṣùgbọ́n bí àwọn kúkurú bá wọ àárín àwọn gígùn, 520 ni wọ́n, torí irin méjì ti gba 80. Ẹni tó gbàgbé á rí férémù tó fẹ̀ tó 680. Kó tó jó o pa, kó fi téèpù wọn ún láti igun kan sí èkejì ní ìdábùú: ìdábùú méjèèjì gbọ́dọ̀ tó bíi 1166.