Kátálíìsì Ọkọ̀ àti Àwọn Ọ̀tá Rẹ̀

Kátálíìsì ni ìkòkò irin tí a so mọ́ ọ̀nà èéfín ọkọ̀, láàárín ẹ́ńjìnnì àti sáìlẹ́ńsà, kí ó lè gba oró lára èéfín kí ó tó jáde sí ìgboro. Amọ̀ sísun tí ihò tẹ́ẹ́rẹ́ pọ̀ lára rẹ̀ bí afárá oyin ni ó wà nínú rẹ̀, a sì fi ìwọ̀nba irin olówó iyebíye, pílátínọ́ọ̀mù, pàládíọ́ọ̀mù àti ródíọ́ọ̀mù, pa á lára. Bí èéfín ti ń gba inú ihò wọ̀nyí kọjá, ródíọ́ọ̀mù a tú náítírójìn kúrò lára ọ́síjìn. Àwọn méjì yòókù a sì so ọ́síjìn pọ̀ mọ́ kábọ̀n mónọ́sáìdì tí ń pani àti mọ́ epo tí kò jó tán, tí wọn yóò fi di kábọ̀n dáyọ́sáìdì àti omi. Àwọn irin náà kì í tán nídìí iṣẹ́ yìí, ṣùgbọ́n wọn kò lè ṣe é àfi bí wọ́n bá gbóná tó nǹkan bí 300°C.

Kòkòrò tí ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Láti inú ẹ́ńjìnnì gan-an ni ohun tí ń ba kátálíìsì jẹ́ ti ń wá. Bí pílọ́ọ̀gì sílíńdà kejì kò bá ta iná mọ́, epo àti afẹ́fẹ́ tí sílíńdà náà fà sínú yóò jáde ní tútù, iná tí ì bá jó nínú ẹ́ńjìnnì yóò sì wá jó nínú kátálíìsì. Nígbà tí ooru bá ju 1000°C lọ, àwọn irin tí ó ti fọ́n ká wẹ́wẹ́ a bẹ̀rẹ̀ sí í ṣù pọ̀, èéfín kò sì ní í rí ara wọn fi kan dáadáa mọ́. Bí ooru bá tún ga sí i, amọ̀ fúnra rẹ̀ a yọ́, a dí ọ̀nà, ọkọ̀ kò sì ní í lè gun òkè mọ́. Igi gańgańran má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó: bí iná ẹ́ńjìnnì bá ń ṣẹ́jú níwájú awakọ̀, tí ẹ̀rọ àyẹ̀wò sì kọ P0302, kí ó tètè pa ọkọ̀. P0420 tí ó bá tẹ̀ lé e sábà máa ń fi hàn pé agbára kátálíìsì ti lọ sílẹ̀.

Ti òjé yàtọ̀. Láti bí ọdún 1923 ni wọ́n ti ń po òjé mọ́ bẹntiróòlù kí ẹ́ńjìnnì má baà máa kàn gbàn-ìn gbàn-ìn. Òjé yìí a bá èéfín rìn, a bo irin iyebíye náà mọ́lẹ̀, ooru kò sì lè ṣí i kúrò. Òun ni ó sọ kátálíìsì tí Eugene Houdry, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ṣe ní Amẹ́ríkà di aláìwúlò fún ọkọ̀ ìgbà ayé rẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ oníkátálíìsì pọ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1975, wọ́n ṣe ẹnu táǹkì wọn tóóró, kí ẹnu ọ̀pá epo olójèé má lè wọ̀ ọ́. Ní 2021 ni Àlgéríà, tí ó kẹ́yìn gbogbo orílẹ̀-èdè, dẹ́kun títa epo náà fún ọkọ̀.

Ṣùgbọ́n níwọ̀n bí iná tí kò ta nínú ẹ́ńjìnnì ṣì ń ba kátálíìsì jẹ́, ẹni tí ó bá pààrọ̀ rẹ̀ láìtún pílọ́ọ̀gì tàbí kọ́ìlì ṣe, tuntun náà ni yóò tún jóná.