Ìlà Òkè Ló Ń Dẹ Tàkúté

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń fi iṣẹ́ ìwé ìròyìn jẹun, mo sì rò pé mo mọ bí a ti ń kọ ọ̀rọ̀ sí ara àwòrán. Àṣé n kò tíì mọ̀ ọ́n tó. Ní ọjọ́ kan ọ̀gá wa pè mí wọ ọ́fíìsì rẹ̀, ó ní ojú ewé àwàdà tí mo ń ṣe ní ọjọ́ Sátidé kò pa ẹnikẹ́ni lẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní bí ó bá wà bẹ́ẹ̀ títí oṣù fi parí, ìpolówó ọjà ni òun yóò fi sí ibẹ̀. Ó wá ní kí n ṣe irú àwòrán tí àwọn ọ̀dọ́ fi ń ránṣẹ́ síra wọn lórí fóònù, èyí tí wọ́n ń fi lẹ́tà funfun gbàgẹ̀dẹ̀ kọ ọ̀rọ̀ sí lókè àti nísàlẹ̀. Míìmù ni wọ́n ń pè é.

Mo wá fọ́tò kan tí ó dára gan-an. Ewúrẹ́ kan ló gun orí mọ́tò ẹni ẹlẹ́ni, ó dúró ṣánṣán lábẹ́ oòrùn ọ̀sán gangan, ó gbé orí sókè bí ìgbà pé òun ni ó ni àdúgbò. Mo kọ ọ́ sí òkè pé:

Ẹ NÍ MI Ò SÍ NÍLÉ

Mo kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ pé:

BÍ ẸNIKẸ́NI BÁ WÁ BÉÈRÈ OWÓ

Mo fi han àwọn ènìyàn ní ọ́fíìsì. Wọ́n wò ó, wọ́n ní ó dára, wọ́n sì padà sídìí iṣẹ́ wọn. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé bí ènìyàn bá ní àwàdà rẹ "dára" láìrẹ́rìn-ín, ó ti tán nìyẹn. Ọmọkùnrin tí ó ń to ojú ewé fún wa ló fà á mọ́ra, kò fi ọ̀rọ̀ kan kún un, kò sì yọ ọ̀kan kúrò. Ó kàn gbé ìlà ìsàlẹ̀ lọ sókè, ó sì gbé ti òkè wá sísàlẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ tún un kà." Obìnrin tí ó ń gbálẹ̀ tí ó ń kọjá lọ lẹ́yìn wa wò ó, ó sì bú sẹ́rìn-ín.

N kò sùn dáadáa lóru ọjọ́ náà. Kí ló dé tí ọ̀rọ̀ kan náà, àwòrán kan náà, fi kú lọ́wọ́ mi tí ó sì jí lọ́wọ́ ọmọdé? Ẹ jẹ́ kí a wò ó. Nígbà tí "Ẹ ní mi ò sí nílé" wà lókè, ewúrẹ́ ti parọ́ tán kí a tó mọ ìdí tí ó fi ń parọ́. Ìlà ìsàlẹ̀ wá di àlàyé lásán, kò sì sí ẹni tí ń fi àlàyé rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí "Bí ẹnikẹ́ni bá wá béèrè owó" wà lókè, gbólóhùn náà kò tíì parí. Ọkàn òǹkàwé dúró dè é: kí ni kí a sọ fún olówó? Ojú rẹ̀ wá ń sọ̀ kalẹ̀ lọ wá ìdáhùn, kò sì sí ọ̀nà mìíràn tí ó lè gbà ju àárín àwòrán lọ. Níbẹ̀ ló ti tún rí ewúrẹ́ yìí lórí mọ́tò, ní gbangba, níbi tí ará ọ̀nà jíjìn pàápàá ti lè rí i. Ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ bá a nísàlẹ̀ pé kò sí nílé. Ohun tí ojú ṣẹ̀ṣẹ̀ rí àti ohun tí ẹnu sọ wá kọlu ara wọn.

Aláwàdà orí ìtàgé mọ èyí. Bí ó bá sọ ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, yóò dákẹ́ díẹ̀, yóò wo ojú àwọn ènìyàn, kí ó tó ju èyí tó kù sílẹ̀. Nínú míìmù, àwòrán ni ìdákẹ́jẹ́ẹ́ náà. Bí ẹ bá kó ìlà méjèèjì pọ̀ sí ìsàlẹ̀, ẹ ti gba ìdákẹ́jẹ́ẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn.

Mo wá wádìí ibi tí nǹkan yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ lára fọ́tò ológbò ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Ní àwọn ọdún 1870, ayafọ́tò kan ní ìlú Bùráítìnì nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Harry Pointer, máa ń ya àwọn ológbò bí wọ́n ti jókòó ti tíì tàbí bí wọ́n ti gun kẹ̀kẹ́, yóò sì kọ ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀ sí i. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni. Ẹ rí àwòrán, ẹ ka ọ̀rọ̀, ó parí. Nígbà tí íntánẹ́ẹ̀tì dé, ológbò tún padà wá: ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1907 kọ́, 2007 ni mo fẹ́ wí, ni ojúlé kan tí ń jẹ́ I Can Has Cheezburger bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Níbẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì wọ́gọwọ̀gọ tí wọ́n fi sí ológbò lẹ́nu ló ń pa ènìyàn lẹ́rìn-ín. Ibi yòówù tí a bá kọ ọ́ sí, ẹ̀rín ni.

Ajá ló pín ọ̀rọ̀ sí méjì gidi. Ní 2006 ni àwòrán orí ọmọ ajá kan jáde, tí wọ́n fi ìtànṣán aláwọ̀ oríṣiríṣi yí i ká. Advice Dog ni wọ́n pè é, ajá olùgbaninímọ̀ràn. Ìlà òkè á bẹ̀rẹ̀ ìmọ̀ràn bí èyí tí àgbà lè gbà, ìlà ìsàlẹ̀ á sì ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ẹ wo ọ̀kan tí èmi fúnra mi ṣe:

O PẸ́ KÍ O TÓ DÉ IBI IṢẸ́?
TÈTÈ KÚRÒ NÍBẸ̀ KÍ Ó LÈ DỌ́GBA

Lẹ́yìn ajá ni ìkookò, pẹ́ńgúínì àti àwọn ẹranko mìíràn tẹ̀ lé e, oníkálukú pẹ̀lú ìwà tirẹ̀. Bí òǹkàwé bá ti mọ ìwà ẹranko náà, kíá ló ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ fẹ́ gbà, ẹni tí ó kọ ọ́ kò sì nílò àlàyé gígùn.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù lọ nínú ìdílé yìí ni ti ọmọ ọwọ́ kan. Ní 2007, ìyá rẹ̀ ya fọ́tò rẹ̀ létí òkun, ó sì gbé e sórí Flickr. Ọmọ náà kò tíì pé ọdún kan. Ó di iyanrìn mú sínú ẹ̀ṣẹ́ kékeré, ó sì pa ètè pọ̀ bí ẹni tí ó ti pinnu nǹkan. Àwọn tí ó kọ́kọ́ rí i sọ ọ́ di ìpáǹle: wọ́n kọ ọ́ sí i pé ó kórìíra ilé tí àwọn ọmọ ń fi iyanrìn kọ́. Nígbà tó yá ni àwọn mìíràn wo ẹ̀ṣẹ́ kan náà, wọ́n ní rárá, ẹni tí ó ṣẹ́gun nìyí. Láti ìgbà náà ni ó ti ní òfin: òkè á sọ wàhálà kékeré, ìsàlẹ̀ á sọ oríire tí ó jáde láti inú wàhálà náà.

MO GBÀGBÉ IṢẸ́ ÀṢETILÉWÁ SÍLÉ
TÍṢÀ Ò WÁ LÓNÌÍ

Ẹ kíyè sí i pé oríire náà gbọ́dọ̀ ti inú ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ wá. Bí mo bá kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ pé MO HE OWÓ LỌ́NÀ, oríire ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò ní nǹkan án ṣe pẹ̀lú iṣẹ́ àṣetiléwá, ẹ̀rín á sì kú. Báyìí ni mo ṣe ń mọ èyí tí kò ní ṣiṣẹ́: màá fi ọwọ́ bo ìlà òkè, màá ka ti ìsàlẹ̀ nìkan. Bí ti ìsàlẹ̀ bá dá dúró tí kò bẹ ti òkè, àwọn méjèèjì kì í ṣe tọkọtaya. Màá tún fi ọwọ́ bo ti ìsàlẹ̀. Bí mo bá lè fi ẹnu ara mi parí rẹ̀ láìwò ó, tàkúté náà ti hàn jù. (Ọmọ náà ti dàgbà báyìí. Ní 2015 tí bàbá rẹ̀ nílò kíndìnrín, òkìkí fọ́tò yìí wà lára ohun tí ó jẹ́ kí àwọn ènìyàn dá owó jọ fún wọn, wọ́n sì rí iṣẹ́ abẹ náà ṣe.)

Ó ku ọ̀rọ̀ lẹ́tà náà. Impact ni orúkọ rẹ̀, àgbà ni ó sì jẹ́. Geoffrey Lee ló yà á, ilé iṣẹ́ Stephenson Blake ní ìlú Ṣẹ́fíìdì sì gbé e jáde ní 1965, nígbà tí òjé ni wọ́n ṣì ń dà láti fi ṣe lẹ́tà. Ó sanra, ó sì fún mọ́ra: yíǹkì púpọ̀, àyè díẹ̀. Ìdí nìyí tí gbólóhùn kan fi lè wọ inú ìlà kan kí ó sì ṣì tóbi. Ní 1996, Maikirosọ́ọ̀fù kó o pọ̀ mọ́ àwọn lẹ́tà tí wọ́n ń pín lọ́fẹ̀ẹ́ fún ìlò orí íntánẹ́ẹ̀tì, ó sì di ohun tí ó wà nínú ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà. Funfun tí wọ́n fi ń kọ ọ́ àti ilà dúdú tí wọ́n fi ń yí i ká ní ìdí tirẹ̀ náà. Funfun hàn lára dúdú, ilà dúdú sì gbà á là bí ó bá bọ́ sórí aṣọ funfun tàbí òfuurufú. Ẹni tí ó kọ ọ́ kò ní láti ronú lórí fọ́tò tí ó lò. Àléébù rẹ̀ ni pé bí ọ̀rọ̀ bá ti ju bí ìlà méjì lọ ní apá kan, lẹ́tà á kéré, á sì bo ojú ẹni tó wà láàárín, bẹ́ẹ̀ ojú yẹn gan-an ni iṣẹ́ wà. Àwọn ọ̀dọ́ òde òní ti ń fi lẹ́tà dúdú pẹ́lẹ́ńgẹ́ kọ ọ̀rọ̀ sórí pátákó funfun lókè àwòrán, wọ́n ní ti Impact ti di ti àwọn bàbá. Mo gbà, èmi náà bàbá ni.

Ṣùgbọ́n Yorùbá ní wàhálà tirẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Ilà dúdú náà máa ń jẹ àmì ohùn àti àmì abẹ́ lẹ́tà, nítorí náà ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í fi àmì sí i rárá. Mo rò pé ìyà ni èyí fún èdè wa, títí mo fi rí àǹfààní tí ó wà níbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé ti ewúrẹ́, mo mú fọ́tò ọkùnrin kan tí ó wọ kóòtù, tí ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Mo kọ ọ́ sí òkè pé:

MO RA OKO TUNTUN FUN IYAWO MI

Sí ìsàlẹ̀ pé:

O NI KI N LO FI RO EYINKULE

Láìsí àmì, mọ́tò ni gbogbo ènìyàn kà lókè, pàápàá nígbà tí wọ́n bá rí kóòtù yẹn. Ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti wá ń bá ọkọ́ ìroko pàdé. Mo fi han ọmọkùnrin tí ń to ojú ewé, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di tábìlì mú. Obìnrin tí ń gbálẹ̀ náà rẹ́rìn-ín. Mo gbé e lọ fún ọ̀gá wa, tí ó ti gbà kí ojú ewé náà máa lọ nítorí ti ewúrẹ́. Ó wò ó fún ìgbà díẹ̀. Ó ní ìwé ìròyìn wa kì í tẹ Yorùbá láìsí àmì. Ó mú bírò pupa, ó fi àmì sí abẹ́ lẹ́tà méjèèjì, ó fi àmì òkè sórí èyí tó kẹ́yìn, ó ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀.