Àwọn àmì tó jọra nínú páswọ́ọ̀dù Wáì-Fáì

Àwọn àmì tó jọra nínú páswọ́ọ̀dù Wáì-Fáì ni àwọn lẹ́tà àti nọ́ńbà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ rí bákan náà lójú èèyàn, àmọ́ tí ẹ̀rọ kà sí ohun ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Òdo (`0`) àti O ńlá (`O`) ló wọ́pọ̀ jù nínú wọn. Lẹ́yìn wọn ni nọ́ńbà `1`, I ńlá (`I`) àti l kékeré (`l`). Ọ̀rọ̀ lẹ́tà ńlá àti lẹ́tà kékeré náà kò yàtọ̀: ẹni tó tẹ `k` níbi tí `K` wà ti tẹ páswọ́ọ̀dù mìíràn nìyẹn.

Bí ẹ̀rọ ṣe ń kà á

Ẹ̀rọ kì í wo bí lẹ́tà ṣe rí. Nínú ìlànà ASCII, àmì kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀: òdo jẹ́ 48, O ńlá jẹ́ 79, o kékeré jẹ́ 111. Nọ́ńbà `1` jẹ́ 49, I ńlá jẹ́ 73, l kékeré sì jẹ́ 108. Lójú ẹ̀rọ, òdo àti O kò bára tan rárá.

Ìlànà ààbò WPA2, tó jáde ní 2004, gba páswọ́ọ̀dù tí kò dín sí àmì 8, tí kò sì ju 63 lọ. Bí a bá tẹ̀ ẹ́ tán, fóònù kì í fi í ránṣẹ́ sí ráútà bó ṣe wà. Ńṣe ló máa ń po páswọ́ọ̀dù náà pọ̀ mọ́ orúkọ Wáì-Fáì, tí yóò sì lọ̀ wọ́n ní ìgbà 4096, títí yóò fi di kọ́kọ́rọ́ gígùn kan. Páswọ́ọ̀dù `password` lórí Wáì-Fáì tó ń jẹ́ `IEEE`, fún àpẹẹrẹ, máa ń bí kọ́kọ́rọ́ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú `f42c6fc5`. Tí a bá sọ p àkọ́kọ́ di ńlá, kọ́kọ́rọ́ tí yóò jáde kò ní jọ ti àkọ́kọ́ níbì kankan. Bákan náà ló rí tí a bá yí lẹ́tà kan padà nínú orúkọ Wáì-Fáì.

Kọ́kọ́rọ́ yìí ni fóònù àti ráútà fi ń dán ara wọn wò. Ohun kan ṣoṣo tí ráútà lè mọ̀ ni pé kọ́kọ́rọ́ méjèèjì bára mu tàbí wọn kò bára mu. Ìdí nìyí tí fóònù kò fi lè sọ pé lẹ́tà kẹta ni a ṣì tẹ̀, tàbí pé ó ku díẹ̀ ká gbà á. Ẹni tó ṣi àmì kan tẹ̀ àti ẹni tó ṣi gbogbo rẹ̀ tẹ̀ yóò gba èsì kan náà. WPA3, tó jáde ní 2018, yí ọ̀nà ìdánwò náà padà, àmọ́ òun náà kì í sọ ibi tí àṣìṣe wà.

Ibi tí ìjọra ti ń wá

Ìrísí ìwé títẹ̀ ló ń fa púpọ̀ nínú rẹ̀. Nínú ìrísí tí wọ́n ń pè ní Arial, I ńlá àti l kékeré jẹ́ ọ̀pá gbọọrọ kan ṣoṣo, láìsí ẹsẹ̀, láìsí orí. Òdo àti O tún sàn díẹ̀, nítorí òdo sábà máa ń tẹ́ẹ́rẹ́ ju O lọ. Àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà máa ń lo ìrísí tó fa ìlà gba inú òdo tàbí tó fi ẹ̀kán sí i láàárín, kí ojú má bàa ṣì í. Ìwé àfọwọ́kọ ló burú jù, torí níbẹ̀ ni `5` ti ń di `S`, tí `2` ń di `Z`, tí K ńlá àti k kékeré sì ń di ọ̀kan náà.

Etí náà máa ń ṣì í. Ọ̀pọ̀ èèyàn ní Nàìjíríà máa ń pe òdo ní “ó” nígbà tí wọ́n bá ń ka nọ́ńbà fóònù, wọn yóò sì kà á bẹ́ẹ̀ nínú páswọ́ọ̀dù. Lẹ́tà E, bí wọ́n ṣe ń pè é lédè Òyìnbó, ń dún bí “í” létí ẹni tó ń fi Yorùbá gbọ́ ọ. A ti Òyìnbó náà sì ń dún bí “é”. Bí ẹni kan bá ń fi Òyìnbó ka páswọ́ọ̀dù fún ẹni tó ń fi Yorùbá kọ ọ́, E lè di `i`, A sì lè di `e`.

Àpẹẹrẹ kan

Ká ní ìwé pélébé tó wà lẹ́yìn ráútà kan, tí wọ́n fi Arial tẹ̀, gbé páswọ́ọ̀dù `4lO7kI0m`. Àmì mẹ́rin ló ń rú ojú níbẹ̀: ọ̀pá méjì tó lè jẹ́ I tàbí l, àti róbótó méjì tó lè jẹ́ òdo tàbí O. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe ní ọ̀nà méjì, gbogbo rẹ̀ jẹ́ ọ̀nà 16. Ká ní ọwọ́ ni wọ́n fi kọ ọ́ ni, róbótó kọ̀ọ̀kan lè jẹ́ `0`, `O` tàbí `o`, ọ̀pá kọ̀ọ̀kan lè jẹ́ `1`, `I` tàbí `l`, k àti m sì lè jẹ́ ńlá tàbí kékeré. Ó ti di ọ̀nà 324.

Ìwé pélébé náà fúnra rẹ̀ lè ràn wá lọ́wọ́. Nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí wọ́n kọ MAC sí níwájú sábà máa ń wà lórí rẹ̀, kìkì `0` dé `9` àti A dé F ló sì máa ń wà nínú rẹ̀. Nítorí náà, róbótó yòówù tó bá wà níbẹ̀, òdo ni. Kí a gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn róbótó inú páswọ́ọ̀dù: èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ bíi tirẹ̀ ni òdo, èyí tó fẹ̀ jù ú lọ ni O. Báyìí ọ̀nà 16 ti di mẹ́rin, a sì lè dán wọn wò níkọ̀ọ̀kan:

```
4lO7kI0m
4lO7kl0m
4IO7kI0m
4IO7kl0m
```

Lẹ́tà ńlá, àyè òfìfo àti àmì Yorùbá

Níbi tí a ti ń tẹ páswọ́ọ̀dù, fóònù kì í sábà sọ lẹ́tà àkọ́kọ́ di ńlá fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá fi páswọ́ọ̀dù ránṣẹ́ lórí Wásáàpù, fóònù rẹ̀ lè ti sọ `t` àkọ́kọ́ di `T`, ó sì lè ti fi àyè òfìfo sí ìparí. Ẹni tó bá dà á kọ yóò da àṣìṣe náà kọ pẹ̀lú rẹ̀. Àyè òfìfo jẹ́ àmì gidi, nọ́ńbà rẹ̀ ni 32. Àmì ojú tó máa ń fi ohun tí a tẹ̀ hàn wá yóò fi lẹ́tà ńlá hàn, ṣùgbọ́n kò ní fi àyè òfìfo tó wà ní ìparí hàn. Kí a kàn pa ohun tó bá wà lẹ́yìn àmì ìkẹyìn rẹ́ ni.

Ẹ, ọ, ṣ àti àmì ohùn kò sí lára àwọn àmì ASCII tí WPA2 là kalẹ̀. Ọ̀nà méjì sì ni kọ̀ǹpútà lè gbà tọ́jú ọ: gẹ́gẹ́ bí àmì kan ṣoṣo, tàbí gẹ́gẹ́ bí o tí wọ́n fi ẹ̀kán sí nísàlẹ̀. Méjèèjì rí bákan náà, wọn kì í sì í bí kọ́kọ́rọ́ kan náà.

Ọ̀nà àbáyọ

Lẹ́tà ńlá, lẹ́tà kékeré àti nọ́ńbà jẹ́ 62 lápapọ̀. Àwọn tó ṣe àdírẹ́sì Bitcoin yọ `0`, `O`, `I` àti `l` kúrò, ó ku 58. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ sí páswọ́ọ̀dù alámì mẹ́wàá kò pàdánù ààbò púpọ̀: tó bá fi àmì kan ṣoṣo kún un, ó ti gba ohun tó pàdánù padà, ó tún jèrè lé e. Ohun tí a tún lè ṣe ni ká sọ páswọ́ọ̀dù di àwòrán QR, kí kámẹ́rà kà á láìsí pé ẹnikẹ́ni tẹ̀ ẹ́. Ọ̀rọ̀ tó máa ń wà nínú rẹ̀ nìyí:

```
WIFI:T:WPA;S:IleBaba;P:t7mkr4wxh9;;
```

`S` ni orúkọ Wáì-Fáì, `P` sì ni páswọ́ọ̀dù. Tí `;` tàbí `:` bá wà nínú páswọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀, a gbọ́dọ̀ fi `\` ṣíwájú rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ fóònù lè rò pé ibẹ̀ ni páswọ́ọ̀dù parí sí.