Fílájìlì àti Ọtí: Níbo ni Ìkìlọ̀ Náà Ti Wá?

Ní Ayọ̀bọ̀ wa níbí, ilé tí Fílájìlì kò tíì dé kò pọ̀. Bí ènìyàn bá ń yàgbẹ́ gbuuru, bí erìgì bá wú, bí nǹkan bá ń dà lójú ara obìnrin, òun la sábà máa ń rà ní kẹ́míìsì. Ọ̀rọ̀ tó máa ń bá a rìn ni pé, "Ẹ má mu ọtí sí i o." Ẹ jẹ́ ká wo ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn ti ṣẹ̀ wá.

Kì í ṣe Fílájìlì ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Lọ́dún 1937, dókítà kan ní Amẹ́ríkà, E. E. Williams, tó ń tọ́jú òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ rọ́bà, ṣàkíyèsí pé àwọn tó ń fọwọ́ kan kẹ́míkà kan níbi iṣẹ́ kò lè mu ọtí mọ́. Tí wọ́n bá mu díẹ̀, ara wọn kì í gbà á rárá. Ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, Jens Hald àti Erik Jacobsen ń wá oògùn aràn ní ìlú Kopenhágẹ̀n. Wọ́n gbé irú kẹ́míkà yẹn mì fúnra wọn. Nígbà tí wọ́n mu ọtí, ojú wọn gbóná, àyà wọn ń lù kìkì. Ní 1948 wọ́n kéde rẹ̀, ó sì di Antabúùsì, oògùn tí wọ́n ń fún ọ̀mùtí kó lè sá fún ọtí.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Tí ọtí bá wọ ara, ẹ̀dọ̀ máa ń yí i padà lẹ́ẹ̀mejì. Lákọ̀ọ́kọ́, á sọ ọ́ di májèlé kan tó ń jẹ́ asẹtadiháìdì. Lẹ́yìn náà, á sọ májèlé yẹn di ohun tí kò léwu. Antabúùsì kò jẹ́ kí ìgbésẹ̀ kejì yìí ṣeé ṣe. Májèlé á wá kóra jọ sínú ẹ̀jẹ̀, bí omi ṣe ń kún gọ́tà tí ẹnu rẹ̀ dí.

Ní Faransé ni Fílájìlì ti jáde. Ní 1959 wọ́n ròyìn pé ó ń pa kòkòrò kan tó ń mú kí nǹkan máa dà lójú ara obìnrin. Ní 1964, dókítà kan tó ń jẹ́ Taylor kọ̀wé pé àwọn ọ̀mùtí tó lò ó kò fẹ́ ọtí mọ́. Àwọn ènìyàn gbà pé iṣẹ́ Antabúùsì ló ń ṣe. Nígbà tí wọ́n dán an wò dáadáa, kò wo ọ̀mùtí sàn. Ṣùgbọ́n àwọn dókítà kan ròyìn aláìsàn tí àpapọ̀ méjèèjì dà láàmú, ìkìlọ̀ náà sì dúró sínú páálí.

Ní 2002, àwọn ará Fínláńdì mú ọkùnrin 12 tí ara wọn le. Wọ́n fún ìdajì wọn ní Fílájìlì fún ọjọ́ 5, wọ́n fún ìdajì yòókù ní oògùn òfìfo, gbogbo wọn sì mu ọtí tó tó nǹkan bí ìgò bíà ńlá kan. Májèlé yẹn kò pọ̀ sí i nínú ẹ̀jẹ̀ wọn, kò sì sí ohun tó ṣe wọ́n. Lónìí, àwọn elétò ìlera ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí àrùn sọ pé kò pọn dandan kí ènìyàn yẹra fún ọtí nítorí Fílájìlì.

Ṣé ká wá máa mu ún ni? Ẹ rọra. Ọkùnrin 12 tí ara wọn le, tó mu ọtí níwọ̀nba, kì í ṣe ìyá ẹni 70 ọdún tí ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá jà. Ẹ wo ìyá kan tó ń yàgbẹ́ gbuuru, tó ra Fílájìlì. Ó ní òun kì í mu ọtí, ṣùgbọ́n ní ìrọ̀lẹ́ ó ra àgbo jẹ̀díjẹ̀dí lọ́wọ́ ìyá alágbo. Ògógóró ni wọ́n fi rẹ àgbo náà. Kò pẹ́, ojú gbóná, orí ń fọ́, àyà ń lù, èébì dé. Yálà Fílájìlì ló fà á tàbí ògógóró nìkan, omi ara tí ìgbẹ́ gbuuru ti gbà tún lọ sí i. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ bi alágbo pé, "Omi ni àbí ọtí?"

Tó bá ṣẹlẹ̀, ọtí ni kí ẹ dá dúró, kì í ṣe oògùn tí dókítà kọ. Bí àyà bá ń dunni, bí èémí kò bá já geere, tàbí bí ènìyàn bá dákú, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, kí ẹ mú páálí oògùn àti ìgò àgbo dání.

Ní wákàtí 8 sí 8, nǹkan bí ìdajì Fílájìlì tó wà lára ló ń jáde. Lẹ́yìn ọjọ́ 2, èyí tó kù kò tó nǹkan. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ìwé inú páálí fi ní ká dúró fún ọjọ́ 2 tàbí 3 lẹ́yìn oògùn tó kẹ́yìn. Tínídásóòlù, àbúrò rẹ̀, máa ń pẹ́ lára jù ú lọ, ọjọ́ 3 ni tirẹ̀. Amọsisílìn kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kà á sétí àwọn ìyá tí kò lè ka fóònù nínú ẹgbẹ́ yín.