Nọ́ńbà 9 tí kì í dúró sójú kan

Bí ẹ bá wọ ilé ìwòran bọ́ọ̀lù ní Ṣakí tàbí Ìsẹ́yìn, ẹ ó gbọ́ àríyànjiyàn yìí: ta ló le jù fún dífẹ́ńdà, ṣé nọ́ńbà 9 gidi bíi Ràṣídì Yẹkínì ni, àbí nọ́ńbà 9 ẹ̀tàn bíi Messi? Lójú tiwa, ìṣòro méjèèjì kì í ṣe ọ̀kan náà rárá.

Yẹkínì, tó gbá bọ́ọ̀lù fún Shooting Stars n'Íbàdàn, kì í fara pamọ́. Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹfà, 1994, ní Dallas, Finidi George ta bọ́ọ̀lù láti apá ọ̀tún wá síwájú ilé Bulgaria, Yẹkínì sì tì í wọlé. Gòólù àkọ́kọ́ Nàìjíríà ní Ife Àgbáyé nìyẹn. Iṣẹ́ dífẹ́ńdà tó bá kojú irú ẹni bẹ́ẹ̀ le, àmọ́ kò rú u lójú: kó fara tì í, kó má jẹ́ kó yíjú sílé, kí ẹnìkejì rẹ̀ dúró lẹ́yìn de àṣìṣe, kí ẹni tó wà létí pápá sì dí ọ̀nà bọ́ọ̀lù tó ń bọ̀ láti wíńgì.

Ní ọjọ́ 2 oṣù karùn-ún, 2009, Guardiola gbé Messi sáàárín nílé Real Madrid, ó sì gbé Eto'o lọ sápá ọ̀tún. Messi ò dúró síwájú. Ó ń padà wá sáàárín pápá bá Xavi àti Iniesta. Cannavaro àti Metzelder ò wá rẹ́ni dì mú. Bí ọ̀kan bá tẹ̀ lé e, àlàfo ṣí sílẹ̀ lẹ́yìn, Henry tàbí Eto'o á sì sáré wọ ibẹ̀. Bí wọ́n bá dúró, Messi á gba bọ́ọ̀lù, á yíjú sílé. Madrid ló kọ́kọ́ jẹ gòólù, àmọ́ Messi gbé bọ́ọ̀lù kọjá lórí wọn fún Henry, ó dọ́gba. Barcelona jẹ 6, Madrid jẹ 2.

Ọgbọ́n náà ti pẹ́. Lọ́dún 1953, Hidegkuti ti Hungary fi í da Harry Johnston láàmú ní Wembley. Ó jẹ gòólù 3, wọ́n sì na England 6-3.

Kí ni oògùn rẹ̀? Ní ìdíje Yúróòpù 2012, Spain fi Fàbregas ṣe nọ́ńbà 9 ẹ̀tàn. Italy wá fi De Rossi, tó jẹ́ ará àárín pápá, sáàárín Bonucci àti Chiellini. Bí Fàbregas bá padà sẹ́yìn, De Rossi lè jáde tọ̀ ọ́, kí ẹni méjì ṣì kù lẹ́yìn. Wọ́n gbá 1-1, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Fàbregas náà ló jẹ gòólù Spain, nígbà tó sáré wọ iwájú ilé.

Nígbà tó di àṣekágbá, ẹni mẹ́rin ni Italy tò sẹ́yìn. Fàbregas sáré kọjá ẹ̀yìn Chiellini, ó ta bọ́ọ̀lù padà fún Silva, gòólù àkọ́kọ́ dé. Spain jẹ 4-0, òótọ́ sì ni pé Italy ṣeré parí pẹ̀lú ẹni 10 torí ìfarapa.

Nítorí náà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń jiyàn, agbára ọkùnrin kan lè tó fún nọ́ńbà 9 gidi. Ti ẹ̀tàn ń fẹ́ ohùn: kí dífẹ́ńdà kan pariwo "èmi ń lọ", kí èkejì ti gba ipò rẹ̀ kó tó gbẹ́sẹ̀.