Àgbò mélòó ló yẹ kí alágbò kó wá fún Iléyá? Ìṣirò ọjà tí wọ́n ń rà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo

Kí Iléyá tó kù ọ̀sẹ̀ mélòó kan, olówò àgbò n'Ìbàdàn ti gbọ́dọ̀ fi owó ránṣẹ́ sí òkè ọya. Ọ̀nà jìn láti ọjà Màígàtàrí ní ìpínlẹ̀ Jìgáwà tàbí Ìlléla ní ìpínlẹ̀ Sókótó, ẹran kì í sì í dé lọ́jọ́ kan. Tí àgbò bá tán lọ́wọ́ olówò náà lọ́jọ́ Àráfà, kò sí bó ṣe lè rí òmíràn kó wá kí ilẹ̀ ọdún tó mọ́. Tí mẹ́wàá bá sì ṣẹ́kù lórí ìso nígbà tí ọdún ti kọjá, kò sí ẹni tí yóò san owó ọdún lórí wọn mọ́.

Ìbéèrè tó wà níwájú rẹ̀ ò ju ẹyọ kan lọ: mélòó ni kó kó wá? Ìbéèrè yìí kan náà ló ń dojú kọ ẹni tó ń rán aṣọ ọdún fún àwọn ọmọdé, ẹni tó ń tẹ kàlẹ́ńdà, àti ẹni tó ń ta ìwé ìròyìn lójoojúmọ́. Ọwọ́ oníwèé ìròyìn, ìyẹn àwọn tá à ń pè ní fẹ́ńdọ̀, ni ìṣirò rẹ̀ ti gba orúkọ, nítorí pé ìwé ìròyìn òní ti di ìwé àná tó bá di ọ̀la. Ọ̀mọ̀wé kan, Francis Edgeworth, ti lo irú èrò yìí lọ́dún 1888 láti fi wo iye owó tó yẹ kí báǹkì máa fi sílẹ̀ nílé de àwọn tó fẹ́ gba owó wọn. Lọ́dún 1951, Kenneth Arrow àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì, Theodore Harris àti Jacob Marschak, gbé e kalẹ̀ fún ọjà tí oníṣòwò ń kó pamọ́.

Àdánù méjì tó yẹ kéèyàn mọ̀

Kí olówò tó mọ iye tó máa kó, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ nǹkan méjì: èló ló máa bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tí àgbò kan bá ṣẹ́kù, èló ló sì máa bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tí oníbàárà kan bá dé tí kò bá àgbò?

Ẹ jẹ́ ká mú olówò kan ṣe àpẹẹrẹ. Ó ra àgbò kan ní ₦175,000. Owó ọkọ̀ lórí ẹran kọ̀ọ̀kan jẹ́ ₦20,000, oúnjẹ àti owó ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ títí di ọdún sì jẹ́ ₦5,000. Gbogbo rẹ̀ di ₦200,000. Ó ń tà á ní ₦260,000. Èyí já sí pé èrè ₦60,000 ló wà lórí àgbò kọ̀ọ̀kan, èrè yẹn náà ló sì máa pàdánù tí oníbàárà kan bá dé tí àgbò ti tán.

Èyí tó bá ṣẹ́kù ń kọ́? Ká ní alápatà máa gbà á ní ₦180,000 lẹ́yìn ọdún. Àmọ́ kí alápatà tó dé, ẹran náà á ti jẹ oúnjẹ ₦10,000. Ohun tó wọlé gan-an jẹ́ ₦170,000. Tí a bá yọ ọ́ kúrò nínú ₦200,000, àdánù orí àgbò tó ṣẹ́kù jẹ́ ₦30,000.

Owó ìso ńkọ́, àti owó tí wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀ fún ààyè? Wọn ò sí nínú ìṣirò yìí, nítorí pé bó kó ogún àgbò bó kó ogójì, iye kan náà ló máa san. Owó tó ń pọ̀ sí i bí ẹran ṣe ń pọ̀ sí i nìkan ló kàn wá.

Ìbéèrè lórí àgbò tó kẹ́yìn

Ọ̀nà tó rọrùn jù ni kéèyàn má wo gbogbo ẹran pọ̀, kó wo ẹyọ kan tó fẹ́ fi kún un. Tí àgbò yẹn bá tà, ₦60,000 wọlé. Tí kò bá tà, ₦30,000 jáde. Èrè tà jẹ́ ìlọ́po méjì àdánù, nítorí náà ó tọ́ láti kó o wá tí ìrètí pé yóò tà bá ju ẹ̀ẹ̀kan nínú ìgbà mẹ́ta lọ. Ìṣirò rẹ̀ nìyí:

30,000 ÷ (30,000 + 60,000) = 1/3

Ẹ pín àdánù àṣẹ́kù pẹ̀lú àpapọ̀ àdánù méjèèjì. Ohun tó bá jáde ni ìrètí tó kéré jù tí àgbò tó kẹ́yìn gbọ́dọ̀ ní. Tí ìrètí rẹ̀ bá kéré sí i, ẹ fi í sílẹ̀ sí òkè ọya.

Ohun tí ìwé àkọsílẹ̀ sọ

Níbo ni ìrètí yẹn ti máa wá? Ìwé tí olówò ń kọ ọjà rẹ̀ sí lọ́dọọdún ni. Ká ní àpẹẹrẹ tiwa ti ṣòwò yìí fún ọdún mẹ́wàá, tó sì kọ iye àwọn tó wá béèrè àgbò:

- àgbò 20: ọdún 1
- àgbò 25: ọdún 2
- àgbò 30: ọdún 3
- àgbò 35: ọdún 2
- àgbò 40: ọdún 2

Tí a bá ṣe ìpíndọ́gba wọn, ó jẹ́ 31. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa sọ pé kó kó 30 wá, kó lọ sùn. Ẹ jẹ́ ká wò ó.

Àgbò karùndínlógójì máa tà tí àwọn tó wá bá tó 35 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyẹn ṣẹlẹ̀ ní ọdún 4 nínú 10, ó sì ju ẹ̀ẹ̀kan nínú mẹ́ta lọ. Kó kó o wá. Àgbò kẹrìndínlógójì máa tà kìkì ní ọdún tí àwọn tó wá bá tó 40, ìyẹn ọdún 2 nínú 10. Kò tó ẹ̀ẹ̀kan nínú mẹ́ta. Ibẹ̀ ló yẹ kó dúró: 35.

Ẹni tí kò bá gbà á gbọ́ lè ka owó rẹ̀. Tó bá kó 35, ọdún tí èèyàn 20 péré wá, ó jèrè ₦1,200,000 lórí èyí tó tà, ó pàdánù ₦450,000 lórí 15 tó ṣẹ́kù, ó ku ₦750,000. Lọ́nà kan náà, ọdún 25 fún un ní ₦1,200,000, ọdún 30 fún un ní ₦1,650,000, ọdún 35 tàbí 40 sì fún un ní ₦2,100,000. Tí a bá pín àpapọ̀ ọdún mẹ́wàá náà dọ́gba, ₦1,650,000 ló kan ọdún kan. Tó bá jẹ́ 30 ló ń kó, ₦1,620,000 ni. Tó bá jẹ́ 40, ₦1,590,000.

Ẹ ṣàkíyèsí pé ẹni tó kó 35 máa rí àṣẹ́kù ní ọdún 6 nínú 10, ẹran sì máa tán mọ́ oníbàárà lọ́wọ́ ní ọdún 2. Kì í ṣe pé ó ṣàṣìṣe. Iye tó dára jù ò lè ní kí ohunkóhun má ṣẹ́kù láé.

Bí iye àṣẹ́kù bá yí padà

Ibi tí ìṣirò yìí ti máa ń daṣẹ́ sílẹ̀ jù ni owó tí àṣẹ́kù máa mú wọlé. Tí gbogbo alágbò bá ní àṣẹ́kù lọ́dún kan náà, alápatà á mọ̀, á sì já owó wálẹ̀. Ká ní ohun tó wọlé lórí àṣẹ́kù di ₦110,000. Àdánù ti di ₦90,000. Tí a bá pín 90,000 pẹ̀lú 150,000, ó jẹ́ ìdá mẹ́fà nínú mẹ́wàá. Àgbò ọgbọ̀n ní ìrètí ọdún 7 nínú 10, ó yè. Àgbò kọkànlélọ́gbọ̀n ní 4 péré, kò yè. Iye tó yẹ kó kó ti wálẹ̀ sí 30, bẹ́ẹ̀ iye oníbàárà ò yí padà rárá.

Kàlẹ́ńdà tún le ju ìyẹn lọ. Ẹni tó fi ₦600 tẹ ọ̀kan, tó ń tà á ní ₦1,000, ní èrè ₦400. Àmọ́ nígbà tí oṣù kejì bá wọlé, ìwé tí aláàkàrà máa fi di àkàrà ló kù, gbogbo ₦600 ti lọ. Kàlẹ́ńdà tó kẹ́yìn gbọ́dọ̀ ní ìrètí mẹ́fà nínú mẹ́wàá. Irú ọjà bẹ́ẹ̀, kéèyàn tẹ̀ ẹ́ kó dín sí ìpíndọ́gba ló sábà ń dára.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀

Lọ́dún 2000, Maurice Schweitzer àti Gérard Cachon tẹ ìwádìí kan jáde. Wọ́n ní kí àwọn èèyàn máa yan iye ọjà tí wọ́n máa rà, wọ́n sì sọ bí títà rẹ̀ ṣe lè rí fún wọn. Lórí ọjà tí èrè rẹ̀ pọ̀, àwọn èèyàn náà rà kéré jù. Lórí èyí tí èrè rẹ̀ kéré, wọ́n rà jù. Ìpíndọ́gba ló ń fà wọ́n mọ́ra. Alágbò wa tó fẹ́ dúró lórí 30 ń ṣe ohun kan náà.

Àṣìṣe kejì wà nínú ìwé àkọsílẹ̀ fúnra rẹ̀. Tí olówò bá kó 30 wá, tí gbogbo rẹ̀ sì tán ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú ọdún, ó máa kọ 30 sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ àwọn tó bá òfìfo, tí wọ́n yí padà lọ, lè tó mẹ́wàá. Tó bá ń ka ohun tó tà dípò ohun tí wọ́n béèrè, ọdọọdún ni ọjà rẹ̀ á máa dà bí ẹni tó kéré. Àmì rẹ̀ ni pé iye kan náà ń hàn nínú ìwé lọ́pọ̀ ọdún, iye yẹn sì ni iye tó kó wá. Ohun tó yẹ kó ṣe ni kó máa fa ìlà kan fún ẹni kọ̀ọ̀kan tó béèrè tí kò rí rà, kó sì kọ ọjọ́ tí ẹran tán.

Ibi tí ìṣirò yìí mọ

Ó gbà pé iye tí wọ́n ń tà á ò yí padà, àti pé kò sí àyè láti kó ẹran lẹ́ẹ̀kejì. Ó tún gbà pé ọdún tó ń bọ̀ máa jọ àwọn tó ti kọjá. Tí owó àgbò bá ti fò sókè, tí ọ̀pọ̀ ilé sì ń dáwó jọ ra màlúù, ìwé ọdún mẹ́wàá ti di ìtàn. Kí olówò wo ọdún méjì tó sún mọ́ jù, kó sì béèrè lọ́wọ́ oníbàárà rẹ̀ àtijọ́ kó tó fowó ránṣẹ́.

Ohun tó kẹ́yìn ni gbèsè. ₦1,650,000 jẹ́ ìpíndọ́gba ọdún mẹ́wàá, àmọ́ àjọ ò ní dúró de ọdún mẹ́wàá. Láàárín 30 àti 35, ìyàtọ̀ rẹ̀ ò ju ₦30,000 lọ lọ́dún, bẹ́ẹ̀ ₦1,000,000 ni àgbò márùn-ún náà máa gbà lọ́wọ́ olówò. Tó bá jẹ́ owó èlé ló máa fi rà wọ́n, kó fi èlé náà kún ₦200,000 orí ẹran kọ̀ọ̀kan kó tó ṣe ìṣirò. Tí èlé náà bá lé ní ₦6,000 lórí ẹran kan, èrè àgbò márùn-ún yẹn ti tán nìyẹn, 30 ló sì yẹ kó kó wá.